Ohun tí a ó bi ọlọ́jà kí bírò tó kan ìwé

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ fọ́nrán, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Òǹdó, Ìdànrè àti Ọ̀wọ̀ wá bá wa ní Àkúrẹ́ lónìí, mo kí yín. Ẹ kú ìkálẹ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ sì kú ooru, nítorí mo rí i pé fáànù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa. Ẹ má bínú, n kò ní pẹ́ jù.

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn ni èyí: kí ló yẹ kí òǹkọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá, kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún fọ́nrán ìpolówó? N kò ní sọ nípa kámẹ́rà, n kò sì ní sọ nípa iná tàbí orin. Ohun tó máa ń bàjẹ́ kí kámẹ́rà tó dé ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ná. Nígbà tí ọlọ́jà bá pè yín pé kí ẹ bá òun ṣe fọ́nrán, ìbéèrè wo lẹ máa ń kọ́kọ́ bi í? Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ń bi í pé, "Kí ló dára nínú ọjà yín?" Kí ni yóò sì dáhùn? Yóò ní ó dára jù lọ, ó jẹ́ ojúlówó, iye rẹ̀ kò gani lára, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó dé ilé, ẹ ó sì rí i pé kò sí ohun kan nínú ìwé náà tí a lè fi kọ gbólóhùn méjì. Ẹjọ́ ọlọ́jà kọ́ o. Ìbéèrè tó ń wá ìyìn lẹ bi í, ìyìn náà ló sì kó lé yín lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì ni mo fi ń dán ọ̀rọ̀ ọlọ́jà wò. Èkíní, bí ẹni tó ń ta irú ọjà kan náà ní ìsọ̀ kejì bá lè ka gbólóhùn yẹn láìyí ohunkóhun padà, gbólóhùn náà kò wúlò fún mi. Èkejì, bí mo bá dijú tí n kò lè rí ohun tí kámẹ́rà yóò fi hàn nígbà tí a bá ń ka gbólóhùn náà, a jẹ́ pé mo ṣì ní ìbéèrè láti bi.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọjà kan ṣoṣo, kí a tẹ̀ lé e dé òpin. Ìyá kan wà ní ọ̀nà Òǹdó tó ń ṣe èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó sì ń dì í sínú ọ̀rá kílò kan. Ó fẹ́ fọ́nrán ìṣẹ́jú kan tí yóò máa lọ lórí Wasáàpù àti Fesibúùkù. Ẹ rántí pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ geere láìkánjú kì í sábà sọ ju bíi ọ̀rọ̀ 150 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìwọ̀nba ilẹ̀ tí a ní nìyẹn. Ìyá náà ti kọ ohun tó fẹ́ ránṣẹ́ sí mi kí n tó débẹ̀: "Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dára jù lọ ní Nàìjíríà, ojúlówó, ó mọ́ tónítóní, ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn." Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a ó tú wò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ẹ mú mi láti ọjà dé inú ọ̀rá

N kò bi ìyá náà pé kí ló dára nínú èlùbọ́ rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ti ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀." Ẹ ṣàkíyèsí pé ìtàn ni mo ní kó sọ fún mi, kì í ṣe ìyìn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan lójoojúmọ́ kì í ka ohun tó ń ṣe sí ọ̀rọ̀ ìpolówó, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin ni ẹ gbọ́dọ̀ máa dá a dúró ní gbogbo orígun pé, mélòó? Ní ìgbà wo? Pẹ̀lú kí ni? Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀?

Bí ó ti ń sọ ọ́, ó dé ibi tó ti ní, "A ó wá gé e sínú omi." Mo dá a dúró. Kí ló dé tó fi jẹ́ inú omi? Ó ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti bó tí a sì gé bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, yóò dúdú, èlùbọ́ rẹ̀ yóò sì dúdú pẹ̀lú. Irú ọ̀bẹ wo lẹ ń lò? Ó ní èyí tí kì í dípata ni, torí ọ̀bẹ onírin lásán máa ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí àwọ̀. Níbo lẹ ń sá a sí? Ó ní orí àtẹ tó ga kúrò nílẹ̀ ni, òun sì máa ń ta àwọ̀n bò ó, ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí eruku títì kò dé. Ẹ wò ó, "ó mọ́ tónítóní" ti di omi, ó ti di ọ̀bẹ, ó ti di àtẹ àti àwọ̀n. Kámẹ́rà rí gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni èmi kò tíì lo ọ̀rọ̀ ìyìn kan ṣoṣo.

Mo wá bi í pé, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kílò mélòó ló ń di èlùbọ́ kílò kan?" Ó ní, "Ó pọ̀ o." Ẹ má ṣe gba "ó pọ̀" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí òṣùwọ̀n bá wà nílé, ẹ ní kí wọ́n gbé e wá. A wọn kílò 20 ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, a ti já a kúrò lára òpó, ṣùgbọ́n a kò tíì bó o. Nígbà tí a bó o, kílò 12 ló kù; èèpo ti kó ìyókù lọ. Nígbà tó gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ tán, kò pé kílò márùn-ún. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ni omi, oòrùn ló sì fà á lọ. Ó túmọ̀ sí pé ó ju kílò mẹ́rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ tó wọ inú ọ̀rá kílò kan.

Ìyá náà alára pariwo. Ọjọ́ tó ti ń ta á ti pẹ́, kò wọ̀n ọ́n rí. Gbólóhùn yẹn, "ó ju kílò mẹ́rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ tó wà nínú ọ̀rá kílò kan yìí," ló padà di gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú fọ́nrán, nítorí pé ó dáhùn ohun tí oníbàárà máa ń rò sínú bí ó bá gbọ́ iye owó. Àmọ́ mo ní kí ó tún wọn ẹrù mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà, kí a tó gbà á wọlé, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tóbi àti èyí tó tín-ínrín kò ní èèpo kan náà. Ẹrù ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi sọ ohun tí ẹ ó máa sọ fún gbogbo ayé.

Ìbéèrè kékeré kan wà tí mo máa ń fi tẹ̀ lé gbogbo ìdáhùn irú èyí: "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní gbogbo ìgbà?" Ìyá náà ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni òun fi ń sá a. Mo ní, "Nínú oṣù Keje ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ bí òjò Àkúrẹ́ ṣe ń rọ̀ nínú oṣù Keje. Ó ní nígbà òjò, òun máa ń gbé e lọ sínú ẹ̀rọ ìgbẹ́ǹkan ẹnì kan, a sì máa san owó fún un. Bí mo bá ti kọ "oòrùn ọjọ́ méjì" sínú fọ́nrán tí wọn yóò máa fi ránṣẹ́ láti oṣù kan dé èkejì, irọ́ ni yóò jẹ́ fún ìdá kan nínú ọdún. Nítorí náà, a yọ iye ọjọ́ kúrò, a fi àtẹ àti àwọ̀n sílẹ̀, a sì rí i dájú pé a kò sọ pé oòrùn nìkan ló ń gbẹ ẹ́.

Bí ẹ bá lè lọ sí ibi iṣẹ́ náà, ẹ lọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ ní kí ọlọ́jà fi fóònù ya gbogbo ìpele iṣẹ́ náà, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń yà á. Ẹ kà á sí ìdáhùn, ẹ má ṣe kà á sí àwòrán tí ẹ ó lò.

Ìbéèrè kejì: ta ló rà á kẹ́yìn, kí ló sì ráhùn lé lórí?

Bí ẹ bá bi ọlọ́jà pé ta ni oníbàárà yín, yóò ní, "Gbogbo ènìyàn." Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ bi í nípa ẹni tó rà á kẹ́yìn, àti ẹni tó rà á ṣáájú ẹni yẹn. Níbo ni wọ́n ń gbé? Kí ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀? Kí ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó sanwó? Mo ní kí ìyá náà ṣí Wasáàpù rẹ̀, kí ó máa ka ohun tí àwọn oníbàárà kọ fún mi, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ìyá náà gbà pé àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ló ń ra ọjà òun. Bí a ti ń kà á lọ, àwọn ìyàwó ilé tó ń rokà fún ọkọ àti ọmọ ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń sọ kì í ṣe ti àìsàn rárá. Àwọn kan ní ó ń di kókó bí àwọn bá rò ó. Àwọn mìíràn sì ń béèrè, tìtìjú-tìtìjú, pé kí ló dé tí èlùbọ́ rẹ̀ fi funfun ju ti ọjà lọ, ṣé kò sí gbágùúdá nínú rẹ̀?

Ẹ gbọ́ o, ìbéèrè yẹn ló yẹ kí fọ́nrán náà dáhùn. Iyèméjì ẹni tó fẹ́ rà á ṣe pàtàkì fún wa ju ìyìn ẹni tó ti rà á lọ. Ọlọ́jà kì í sì sábà fẹ́ mẹ́nu kàn án, nítorí ó ń rò pé ẹ ó fojú tín-ínrín ọjà òun. Ẹ fi sùúrù wá a. Ti kókó tó ń dì, ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: a béèrè bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń rò ó, a sì fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ hàn án nínú fọ́nrán. Ti gbágùúdá ni ó gba akitiyan.

Ìbéèrè kẹta: báwo la ṣe mọ̀?

Ìyá náà ní, "Ojúlówó ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni." Mo ní, "Mo gbà yín gbọ́, Màmá. Níbo lẹ ti ń lọ̀ ọ́?" Ó ní lọ́dọ̀ ọlọ́lọ̀ àdúgbò ni. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń lo ẹ̀rọ náà? Rárá. Kí ni àwọn mìíràn ń lọ̀ níbẹ̀? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Gbágùúdá ni, àti iṣu, àti àgbàdo nígbà mìíràn."

Ṣé ẹ rí i? Ìyá náà kò purọ́. Kò po nǹkan kan mọ́ ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ "kò sí gbágùúdá kankan nínú rẹ̀", tí ẹni kan sì bá a pàdé ní ilé ọlọ́lọ̀, ọ̀rọ̀ wa ti bàjẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ní kí a jọ lọ bá ọlọ́lọ̀ náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí ìyá náà kò rò pé ó tọ́ láti sọ: àárọ̀ kùtù ló máa ń wá, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó máa ń dúró kí wọ́n gbá inú ẹ̀rọ náà mọ́, èyí tó bá sì kọ́kọ́ jáde, kì í dì í sínú ọ̀rá, ilé ni ó máa ń gbé e lọ fún jíjẹ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́nrán nìyẹn! Kò sí olùpolówó kan tó lè jókòó sínú ilé rẹ̀ kó hùmọ̀ rẹ̀. A kọ ọ́ báyìí: "Kí ẹnikẹ́ni tó dé ilé ọlọ́lọ̀ ni mo ti máa ń débẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, ilé mi ni mo ń gbé e lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo ń dì fún yín." Kò sí "ojúlówó" níbẹ̀, kò sì sí "kò sí gbágùúdá". Ẹni tó ń ṣiyèméjì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ìyá náà kò sì ṣèlérí ju ohun tó ń ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tí "báwo la ṣe mọ̀" gbọ́dọ̀ kàn ni "ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn". Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí dáadáa, nítorí òfin wà níbẹ̀. Oúnjẹ ni èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í ṣe oògùn. Sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, sítáàṣì a sì máa di ṣúgà nínú ara. NAFDAC kò fàyè gba kí ìpolówó oúnjẹ sọ pé oúnjẹ náà ń wo àìsàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó sì gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́, tó wá pa oògùn rẹ̀ tì, ewu ńlá ló wọ̀. Mo bi ìyá náà pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́. Bí ìdáhùn sí "báwo la ṣe mọ̀" bá jẹ́ "gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́", ẹ fa igi lé e lórí lójú rẹ̀, kí ó má baà rò pé ẹ gbàgbé ni, kí ó sì wá fi í kún ohùn tí wọ́n bá ń gbà sílẹ̀.

Ẹ tún ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí NAFDAC jáde. Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà lẹ́nu lásán. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò lójú ìwé náà. Ṣé orúkọ ọjà tó wà nínú ìwé ló wà lára ọ̀rá? Ṣé ọjà yìí gan-an ni wọ́n fún ní nọ́ńbà, àbí ọjà mìíràn tí ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe? Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ń gba nọ́ńbà tirẹ̀, ẹni tó gba ti gàrí kò lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ èlùbọ́. Ṣé ọdún márùn-ún tí wọ́n fún un kò tíì pé? Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó mọ̀ pé ìpolówó náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó jáde. NAFDAC ní tirẹ̀ lórí oúnjẹ. Àjọ ARCON, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò APCON, ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpolówó wò kó tó dé etí aráàlú, ti orí ẹ̀rọ ayélujára náà sì wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò gbé e lọ, ta ni yóò san owó rẹ̀, ọjọ́ mélòó la ó fi dúró? Ẹ béèrè kí ẹ tó dá iye owó iṣẹ́ yín.

Ní ti "tó dára jù lọ ní Nàìjíríà", mo kàn bi í bóyá ó ti tọ́ gbogbo èyí tó wà ní Nàìjíríà wò. Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, ó sì parí síbẹ̀.

Ìbéèrè tó kù

Kí ni ẹ fẹ́ kí ẹni tó wò ó ṣe, ṣé ẹ ó sì lè gbà á bí ó bá ṣe é? Mo gbọ́ bí àwọn kan nínú yín ṣe ń kọ "ẹ pè wá nísinsìnyí" sí ìparí gbogbo fọ́nrán. Ta ni yóò gbé fóònù náà? Mo bi ìyá náà pé kílò mélòó ló lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ní 40 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í sì í tó bẹ́ẹ̀ nígbà òjò. Bí ogún ènìyàn bá wá béèrè ọ̀rá márùn-ún márùn-ún lọ́jọ́ kan, ó ti di ọgọ́rùn-ún kílò, ìbínú ni fọ́nrán wa yóò sì mú wá fún un. Èyí ló fi jẹ́ pé ohun tí a kọ sí ìparí ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, kí wọ́n sọ iye ọ̀rá tí wọ́n fẹ́, òun yóò sì sọ ọjọ́ tí yóò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. A kò fi iye owó sínú ohùn fọ́nrán rárá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró sí iye kan. Abẹ́ fọ́nrán náà ni a kọ ọ́ sí, níbi tí ó ti lè yí i padà fúnra rẹ̀.

Ẹ bi í pẹ̀lú ta ni yóò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Bí ọkọ rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó, bá máa dá sí i, àtìbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má tíì kọ ọ̀rọ̀ fọ́nrán. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà méjì sí i. Ní apá àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ní àárín, ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́ tàbí ohun tó fi hàn pé òótọ́ ni. Ní apá kẹta, ẹ kọ ohun tí kámẹ́rà yóò yà. Ti ìyá náà rí báyìí: kílò mẹ́rin ó lé, a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, òkìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rá kan. Ibi tí àárín bá ṣófo, ẹ tún pe ọlọ́jà. Bí ó bá ṣófo síbẹ̀, ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i, kí ó kà á, kí ó sì kọ ọ́ padà sí yín pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan.

Mo rí arákùnrin kan lẹ́yìn tó gbé ìgò oyin wá, arábìnrin kan sì wà tó ní ọṣẹ dúdú lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì jáde wá síwájú, kí gbogbo ilé máa bi yín ní ìbéèrè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ohun tó dára nínú rẹ̀, òun ni yóò ra omi fún gbogbo wa.